Ìwé ìpolówó sọ́fítíwià wa kún fún ẹnà: báwo la ṣe máa tú u fún oníṣòwò?

Ọmọ_Agodi

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Àwa mẹ́ta la jọ ṣe sọ́fítíwià kan fún àwọn tó ń tajà ní páálí-páálí. Ó ń ka ọjà tó kù nílẹ̀, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n tà sílẹ̀. A tẹ ìwé ìpolówó 500, a pín in ní Ògùnpa, Agbẹ̀nì àti Dùgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, èèyàn mẹ́rin ló pè. Mẹ́ta nínú wọn béèrè pé, "Kí lẹ ń tà gan-an?" Ẹnì kẹrin fẹ́ mọ̀ bóyá a máa ń tún fóònù ṣe.

Ohun tó wà lójú ìwé náà nìyí:

> Pílátífọ́ọ̀mù kíláòdù tó ṣeé sikéèlì, tó ń sínkì dátà gbogbo ẹ̀ka ní ríà-táìmù, pẹ̀lú ẹnkiríṣọ̀n ẹńdì-tu-ẹńdì, àsẹ́ẹ̀sì oní-rólù, ée-píì-áì tó ṣí sílẹ̀ àti àpútáìmù 99.9%.

Mo mọ̀ pé ẹnà ni. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ yọ ohun tí a fi oṣù mẹ́jọ kọ́. Báwo la ṣe máa tú u tí oníṣòwò á fi lóye rẹ̀, tí kò sì ní di irọ́?

---

Túńdé_Atúmọ̀

Gẹ̀ẹ́sì tó dé fìlà gọ̀bì lẹ kọ síbẹ̀, òun ni ìṣòro yín. Bó bá jẹ́ èmi, gbogbo rẹ̀ ni màá tú. Kíláòdù, ìkùukùu. Sínkì, ìmúbáramu. Ẹnkiríṣọ̀n, ìfàmìpamọ́. Ée-píì-áì, ẹnu ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Yorùbá ò tálákà ọ̀rọ̀, àwa là ń ya ọ̀lẹ.

---

Ìyá_Ìbejì_Ògùnpa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Túńdé ọmọ mi, ìkùukùu wo? Mílíìkì, súgà àti tòmátì inú agolo ni mò ń tà. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọjà mi wà nínú ìkùukùu, tapólì ni màá lọ wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti tó bí ọdún mẹ́ta báyìí tí àwọn kan ta sọ́fítíwià fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sára ìwé pé "yúsà àìlóǹkà". Mo ní ó dáa, gbogbo wa la máa lè lò ó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé páásíwọ̀ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo wa á jọ máa tẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi tajà á ta páálí mẹ́wàá láàárọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́ á pa méjì rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, owó páálí méjì yẹn á wọ àpò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní páálí méjì wà nílẹ̀, ilẹ̀ sì ṣófo. Lóṣù tí mo jókòó ka ọjà fúnra mi, páálí mílíìkì 23 ni mi ò rí. Mo pe àwọn tó tà á fún mi. Wọ́n ní ohun tí mo ń béèrè wà, àmọ́ inú "pírò" ló wà. Pírò! Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Torí náà, ẹni tó bá gbé nǹkan wá báyìí, ohun tí mò ń bi í ò pọ̀. Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ ńkọ́? Ta ló lè pa ohun tí wọ́n tà rẹ́? Ta ló máa rí èrè mi? Kò sí èyí tí mo rí nínú ìwé yín.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ìyá Ìbejì ti ṣe iṣẹ́ yìí tán ká tó jí. Ẹ ẹ̀ rí i? Ohun tí wọ́n ń wá wà nínú ìwé náà. "Àsẹ́ẹ̀sì oní-rólù" ni, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tó lè ṣe nínú áàpù. Ó kàn wà lẹ́yìn ẹnkiríṣọ̀n, ó ń jẹ́ orúkọ tí wọn ò lè fi dá a mọ̀. Ẹni tó ti pàdánù páálí 23 ka ìwé yín, ó wo ohun tí ì bá gbà á là, ó sì kọjá lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ irú ìwé yìí fún àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ohun tí Túńdé sọ yẹn lèmi náà ń ṣe, mò ń wá ọ̀rọ̀ tó rọrùn fi rọ́pò ọ̀rọ̀ tó le. Ọ̀rọ̀ gan-an kọ́ ni wàhálà. Ìlérí kan ló wà nínú ẹnà kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀kọ ṣe wà nínú ewé. Ẹ tú ewé náà kí ẹ wo inú rẹ̀. Ìgbà míì ẹ máa bá ẹ̀kọ. Ìgbà míì ewé lásán ni wọ́n dì.

Bí mo ṣe ń tú u rèé. Mo máa ń bi àwọn tó kọ́ sọ́fítíwià náà pé, "Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ni ẹni tó rà á máa lè ṣe tí kò lè ṣe lánàá?" Ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ ní èèyàn, ọjà tàbí owó nínú. Bí wọ́n bá ń dá mi lóhùn tí wọ́n tún ń fi ẹnà míì ṣàlàyé ẹnà, mo mọ̀ pé a ò tíì débẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, mo ń yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Ọmọ Agodi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn láì polówó fún mi. Níbo lẹ ti rí 99.9%? Ẹńdì-tu-ẹńdì yẹn, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ò lè rí ohun tí oníbàárà yín kọ? Ta ló ti so nǹkan mọ́ ée-píì-áì yín rí? "Ó ṣeé sikéèlì", dé ibo?

---

Ọmọ_Agodi

Ó ta mí díẹ̀, àmọ́ ẹ gbà á.

Ojú ìwé ilé iṣẹ́ tí a háyà sáfà lọ́wọ́ wọn la ti da 99.9% kọ. Ní ti ẹnkiríṣọ̀n, dátà wà ní títì bó ṣe ń lọ láti fóònù dé sáfà, ó sì wà ní títì bó bá débẹ̀. Àmọ́ bí oníbàárà bá pè pé nǹkan ò lọ déédéé, èmi àti ẹnì kan sí i lè ṣí i wò. Ée-píì-áì, kò tíì sẹ́ni tó lò ó. Sikéèlì, oníbàárà wa tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, irú ọjà tó ń tà sì tó 4,000.

---

Fẹ́mi_Sáfà

Ẹ má wulẹ̀ lo kíláòdù rárá. Ẹ ra sáfà tiyín, ẹ gbé e sí ọ́fíìsì, ẹ fi sólà gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ ò ní san owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Mo lè bá yín wo iye tó máa ná yín.

---

Ọmọ_Agodi

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ìpolówó ni mò ń bèèrè, kì í ṣe sáfà.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 99.9% bẹ̀rẹ̀, torí ojú gbogbo èèyàn ló máa ń tàn.

Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, èyí tí 99.9% ò kó mọ́ra, tó bíi wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45. Bó bá jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, ohun tí ẹni tó ni sáfà ń sọ ni pé sáfà òun lè kú tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún, kí a má sì lè sọ pé òun yẹ ìlérí. Bí gbogbo wákàtí mẹ́jọ yẹn bá wá bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, ìṣirò tiwọn ṣì pé pérépéré, ọjà Ìyá Ìbejì nìkan ló bàjẹ́. Ìlérí sáfà sì ni, kì í ṣe ìlérí áàpù yín. Ẹ lè ṣe àtúnṣe lálẹ́ kan kí ó da áàpù rú títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí sáfà máa ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì tó bá lọ nínú ọjà náà ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ yọ ọ́. Ohun tí oníṣòwò fẹ́ gbọ́ ni ẹni tí òun máa pè, àti aago tí onítọ̀hún máa gbé fóònù. Ẹ kọ nọ́ńbà, kí ẹ kọ "láti aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́", bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni.

Ẹńdì-tu-ẹńdì ló kà mí láyà jù. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn gbé e. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá lè ṣí i wò, ẹ ti purọ́ nínú ìwé 500. Ẹ ò mọ̀ pé irọ́ ni, torí ẹnà ló bò ó. Bí ẹ bá sọ ọ́ lédè tó yé èèyàn, "ẹnikẹ́ni ò lè rí i, àwa gan-an ò lè rí i", ẹ̀yin fúnra yín ni ì bá kọ́kọ́ ta gìrì. Ẹ rántí pé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó gbàwìn wà nínú ohun tí oníbàárà yín ń kọ sínú áàpù, òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì kàn án. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ọdún 2018 náà ò gba kí èèyàn fi ohun tó ń ṣini lọ́nà polówó ọjà.

Ẹ kọ bó ṣe rí: "Bí ìwé yín ṣe ń tinú fóònù bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dá a lọ́nà ò ní lè kà á. Èèyàn méjì péré ló lè ṣí i lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ẹ bá pè wá pé ká wá bá yín wò ó."

Ée-píì-áì, ọ̀nà tí sọ́fítíwià míì lè gbà bá tiyín sọ̀rọ̀, ewé lásán ni. Ẹ sọ ọ́ nù títí dìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ so nǹkan mọ́ ọn. Sikéèlì, ẹ kọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta àti irú ọjà 4,000. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì á rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ní ogún á mọ̀ pé òun ní láti bi yín léèrè.

---

Ṣadé_Atajà

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, èmi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé sọ́fítíwià kiri. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rà ló ń jókòó sí Ògùnpa. Mo gbé irú ìwé tí ẹ ń sọ yìí, tó rọrùn láti kà, lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń pín ọjà káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀gá kà á, ó yé e, inú rẹ̀ dùn. Ló bá pe ọmọkùnrin tó ń bá wọn mójú tó kọ̀ǹpútà. Ìyẹn yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ò ní ée-píì-áì." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. A ní in o! A ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ni.

Àwọn oníbàárà míì sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ohun tí a gbé wá ní láárí.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ti ọmọkùnrin kọ̀ǹpútà yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Ìwé kan ò lè bá èèyàn méjì yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ya tiẹ̀ sọ́tọ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo, tí a ò ní pín lọ́jà. Gbogbo ẹnà wà níbẹ̀ bó ṣe ń jẹ́ gan-an, torí èdè tiẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ti pè é, ẹ mú un jáde látinú báàgì.

Ti àwọn tó fẹ́ràn ohun tí kò yé wọn, mo ti pàdé wọn. Wọ́n máa ń rà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn náà ló ń sọ pé, "Ohun tí ẹ sọ fún mi kọ́ nìyí."

---

Ṣadé_Atajà

Wọ́n ti sanwó ọdún kan kó tó di oṣù mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n 😄

---

Ọmọ_Agodi

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ríà-táìmù ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá ta nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń hàn ní ìkejì. Ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọọ̀kì pẹ̀lú.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ìlérí méjèèjì ò lè dúró pa pọ̀ nígbà kan náà. Ẹ jẹ́ ká fi Ìyá Ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n má bínú. Ká ní wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní Bódìjà. Páálí mílíìkì márùn-ún ló kù lápapọ̀, ọmọ sì lè gbé e láti ibì kan lọ síbì kejì, torí náà ṣọ́ọ̀bù méjèèjì ń wo márùn-ún. Aago mẹ́wàá, nẹ́tíwọọ̀kì lọ ní Bódìjà. Wọ́n ta mẹ́rin níbẹ̀, fóònù Bódìjà kọ ọ́ sínú ara rẹ̀, ó ń dúró. Ògùnpa ò gbọ́ nǹkan kan, márùn-ún ni tiwọn ṣì ń wò. Aago mọ́kànlá, oníbàárà kan wá sí Ògùnpa, ó san owó páálí mẹ́ta. Aago méjìlá, nẹ́tíwọọ̀kì dé. Kí ni áàpù yín máa ṣe?

Ẹ má fi orí dáhùn. Ẹ gbé fóònù méjì kí ẹ dán an wò.

---

Ọmọ_Agodi

Mo ti dán an wò. Mo pa dátà fóònù kan, mo ta mẹ́rin lórí rẹ̀, mo ta mẹ́ta lórí ìkejì, mo tan dátà padà. Ó kọ -2, ó sì di pupa.

Oṣù mẹ́jọ, mi ò rí pupa yẹn rí.

---

Ìyá_Ìbejì_Ògùnpa

Páálí méjì tí kò sí nílẹ̀ ni mo ti gbowó rẹ̀ yẹn. Ẹni tó sanwó á dúró sí mi lọ́rùn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa tẹ́lẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà. Ká kàn mọ̀ ni. Bí mo bá ti mọ̀ pé nẹ́tíwọọ̀kì Bódìjà ti lọ, màá pe ọmọ mi lórí fóònù kí n tó ta èyí tó kù.

---

Ṣadé_Atajà

Ṣé ẹ fẹ́ kọ ìyẹn sínú ìwé ìpolówó? Ta ló ń kọ àléébù ọjà rẹ̀ sójú páálí?

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Èmi á kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, mi ò ní jẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì gbọ́ àléébù náà, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe máa bá a gbé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo oníṣòwò ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà mi ò ní bá yín jiyàn bí ẹ bá ní kí ẹni tó lọ tà á sọ ọ́ lẹ́nu dípò kí ó wà nínú ìwé. Èyí tí mi ò gbà ni kí ìwé máa wí pé "ríà-táìmù" kó sì dákẹ́ síbẹ̀.

---

Ọmọ_Agodi

Mo tún un kọ lálẹ́ àná. Ẹ bá mi wò ó:

> Ta ló pa ohun tí wọ́n tà rẹ́?
>
> Ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń bá yín tajà á ní páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀. Ó lè tà. Kò lè pa ohun tó ti tà rẹ́, kò lè yí iye owó padà, kò sì lè rí èrè yín.
>
> Ẹ lè máa rí ṣọ́ọ̀bù yín láti ilé, ì báà ju ẹyọ kan lọ. Ní báyìí, ẹni tó tóbi jù nínú àwọn oníbàárà wa ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta àti irú ọjà 4,000.
>
> Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ, ẹ máa tà lọ. Fóònù á tọ́jú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọọ̀kì bá dé. Kó tó dé, ṣọ́ọ̀bù kejì ò tíì mọ ohun tí ẹ tà, torí náà ẹ pe ara yín bí ọjà bá kù díẹ̀.
>
> Bí fóònù bá sọnù, ẹ gba òmíràn. Gbogbo ìwé yín wà lọ́dọ̀ wa, kò sí ohun tó máa dín.
>
> Èèyàn méjì péré ló lè ṣí ìwé yín lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ẹ bá pè wá fún ìrànlọ́wọ́.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ó ti jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Kí n tó sọ nǹkan kan: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pa fóònù dé. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún wa ohun tí ẹ máa sọ fún bàbá àwọn ìbejì pé nǹkan yìí ń ṣe. Ẹ má padà lọ kà á o.

---

Ìyá_Ìbejì_Ògùnpa

Ó dáa. Màá ní, "Àwọn ọmọ kan wá. Wọ́n ní ohun tí àwọn gbé wá ò ní jẹ́ kí ọmọ ọjà pa nǹkan rẹ́, orí fóònù ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa fi kámẹ́rà sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè máa wò ó nílé. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ, kò dí wa lọ́wọ́, ká ṣáà máa pe ara wa. Bí fóònù bá sọnù, wọ́n máa fún wa ní òmíràn."

Kámẹ́rà yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

---

Ọmọ_Agodi

Kámẹ́rà kẹ̀! Fóònù kẹ̀! Níbo lẹ ti rí wọn, mà?

---

Ìyá_Ìbejì_Ògùnpa

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé "ẹ lè máa rí ṣọ́ọ̀bù yín láti ilé". Kí lèèyàn fi ń rí ṣọ́ọ̀bù láti ilé? Ẹ tún ní "ẹ gba òmíràn". Ta ló máa fún mi kí n tó gbà á?

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ẹ ẹ̀ rí i pé kò sí ẹnà kankan nínú gbólóhùn méjèèjì? "Rí", "ṣọ́ọ̀bù", "gba". Ọ̀rọ̀ ilé ni gbogbo wọn, wọ́n sì ṣì í lọ́nà ju kíláòdù lọ. Bí kíláòdù ò bá yé èèyàn, á mọ̀ pé kò yé òun. Èyí yé wọn dáadáa, ohun tó yé wọn ló ṣìnà. Òun ni mo fi máa ń fún èèyàn bíi márùn-ún kà kí a tó tẹ̀ ẹ́, àwọn tí kò bá wa dá sí iṣẹ́ náà rárá.

Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Níbí tiwa, ẹni tí ẹ bá bi bẹ́ẹ̀ á ní ó yé òun, kó má bàa dójú tì yín tàbí kí ẹ má fi wò ó bí ẹni tí kò lọ sílé ìwé. Ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó bá yín sọ ọ́ fún ẹlòmíì. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un sọ fún un. Bí ẹnì kan bá rí kámẹ́rà, ẹ kíyè sí i. Bí méjì bá rí i, ẹ yí gbólóhùn náà padà.

Ẹ kọ ọ́ pé: "Láti orí fóònù yín nílé, ẹ lè rí iye tí wọ́n tà lónìí àti iye páálí tó kù."

---

Túńdé_Atúmọ̀

Kí n sọ ọ̀kan, bí ẹ ti lẹ̀ fi ìkùukùu mi ṣẹ̀rín. "Bí fóònù bá sọnù, kò sí ohun tó máa dín." Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ láti àárọ̀, tí wọ́n ti tajà títí di ọ̀sán, tí olè sì gbé fóònù náà kí nẹ́tíwọọ̀kì tó dé ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ ní inú fóònù ló ń dúró sí.

---

Ọmọ_Agodi

Yée. Ó ti lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n tà láàárọ̀ yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Túńdé, ẹ ṣeun, èmi náà kà á kọjá. Ẹ kọ ọ́ pé: "Bí fóònù bá sọnù, ẹ wọlé lórí fóònù yín míì. Ohun gbogbo tó ti dé ọ̀dọ̀ wa ṣì wà. Èyí tí ẹ tà nígbà tí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ló máa bá a lọ." Kí áàpù náà sì máa fi hàn wọ́n pé títà mélòó ló ṣì ń dúró nínú fóònù. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

---

Ṣadé_Atajà

Àléébù méjì ti wọ inú ìwé kan ṣoṣo báyìí o. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

---

Ọmọ_Agodi

Mo gbọ́ yín, Àǹtí Ṣadé. Mo fẹ́ tẹ ẹ̀yà méjì, 50-50. Ti nẹ́tíwọọ̀kì á wà nínú ọ̀kan, kò ní sí nínú ìkejì, ẹni tó bá lọ pín in á sọ ọ́ lẹ́nu. Ti fóònù tó sọnù á wà nínú méjèèjì. Nọ́ńbà fóònù tó wà lára wọn á yàtọ̀ síra, ká lè mọ èyí tí wọ́n fi pè wá. Àmọ́ lọ́la ná, mò ń gbé márùn-ún lọ sí Agbẹ̀nì fún àwọn tí kò mọ̀ mí rí, kí wọ́n kà á kí wọ́n sọ ọ́ padà fún mi.

---

Ìyá_Ìbejì_Ògùnpa

Ẹ ẹ̀ tíì sọ iye rẹ̀. Ẹ ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, mi ò rí owó níbẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ iye sára ọjà, mo mọ̀ pé aṣọ tí mo wọ̀ ló fẹ́ wò kó tó dá iye lé e.

---

Ọmọ_Agodi

Ẹ máa bínú sí mi, mà: a ò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwa mẹ́ta, iye mẹ́ta.

---

Ìyá_Ìbejì_Ògùnpa

Ẹ lọ parí ìyẹn ná. Kí ẹ sì kọ ọ́ bóyá lóṣooṣù ni tàbí lọ́dọọdún, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ìwé àwọn onígbèsè mi lóṣù tí mi ò bá rí owó san.

---

Ọmọ_Agodi

Mà, ìbéèrè yẹn náà ò sí nínú áàpù wa.

---

Akọ̀wé_Ẹ̀rọ

Ẹ lọ sí Agbẹ̀nì ọ̀la. Ẹ padà wá sọ ohun tí àwọn márààrún sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.